Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fídíò: Bí A Ṣe Ń Kọ Àpèjúwe Ìmọ̀ràn Intafíù fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde Ẹ̀kọ́

Nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ni ó ti jókòó rí sí ìhà méjèèjì tábìlì tí a ti ń yan òṣìṣẹ́. Ní ìgbà èwe wa, a jókòó sí ìhà ẹni tí ń wá iṣẹ́. Nígbà tí ọdún gorí ọdún, a bọ́ sí ìhà àwọn tí ń bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè. Lóde òní, ẹni tí ó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ju fóònù ọwọ́ rẹ̀ lọ láti fi ran àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì àti pólì lọ́wọ́. Yóò gbé fóònù kalẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí méjìlá nípa bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè níwájú agbanisíṣẹ́, yóò sì gbé fídíò náà sí orí Yútúbù. Àwọn kan nínú wa ti ń ṣe é. Ohun tí a sábà máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sí abẹ́ fídíò náà, èyí tí à ń pè ní àpèjúwe. Àpèjúwe yìí ni a fẹ́ ṣe àlàyé lé lórí.

Kí a tó lè kọ ọ́ dáadáa, ó yẹ kí a fi ojú inú wo ẹni tí yóò kà á. Ọ̀dọ́ kan ni, tí ó parí ètò àgùnbánirọ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ráńṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé kí ó wá fún intafíù ní Ọjọ́bọ̀. Dátà tí ó kù fún un kò tó nǹkan. Nígbà tí ó wá ìmọ̀ràn lórí Yútúbù, fídíò tí ó yọ sí i kò lóǹkà, kò sì lè wo gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí àpèjúwe ní láti ṣe fún un ni kí ó jẹ́ kí ó mọ̀, kí ó tó ná dátà rẹ̀, bóyá fídíò yìí dáhùn ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, àti ìṣẹ́jú tí ìdáhùn náà wà. Gbogbo ohun tí a ó sọ lẹ́yìn èyí ti inú ọ̀rọ̀ kan yìí jáde.

Ìlà méjì àkọ́kọ́

Yútúbù fi àyè méjì sílẹ̀ fún ohun tí a ó fi ọwọ́ kọ. Èkíní ni àkọlé, tí kò gbọ́dọ̀ ju àmì ìkọ̀wé 100 lọ. Èkejì ni àpèjúwe, tí ó lè gùn tó 5,000. Lẹ́tà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ àti àmì ìdánudúró ni a ń kà pọ̀. Kí ẹni tí ó ń kọ èdè Yorùbá sì rántí pé lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn lórí lè jẹ́ méjì nínú òǹkà kọ̀ǹpútà, nítorí náà àyè àkọlé a máa tètè kún ju bí a ti rò lọ.

Àyè 5,000 yìí pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí fóònù, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó hàn síta. Ìyókù ti ká wọlé títí ẹni náà yóò fi tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí. Bí ìlà méjì àkọ́kọ́ kò bá wúlò fún un, kò ní ṣí ìyókù. Níbí ni ìwà ọmọlúàbí tí a kọ́ wa nílé ti ń ta ko ohun tí ibẹ̀ ń béèrè. Yorùbá kì í wọlé tọ ènìyàn kí ó má kí i, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe báyìí:

"Ẹ kú àbọ̀ sí ìkànnì wa o. Inú wa dùn gidigidi láti mú fídíò pàtàkì yìí tọ̀ yín wá. A gbàdúrà pé yóò ṣe yín ní àǹfààní púpọ̀."

Kò sí ọ̀rọ̀ àìdára kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gé e níbi tí fóònù yóò ti gé e, ọ̀dọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tí ì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ intafíù ni tàbí ti oúnjẹ sísè. Inú fídíò ni ìkíni yẹ kí ó wà, tàbí ní ìparí àpèjúwe. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ní láti sọ nǹkan mẹ́ta: ẹni tí a ṣe fídíò náà fún, ìbéèrè tí ó dáhùn, àti bí ó ti gùn tó. Ẹ wo bí a ṣe lè kọ ọ́:

"O ń lọ fún intafíù àkọ́kọ́ lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, o kò sì tí ì ṣiṣẹ́ oṣù rí? Nínú ìṣẹ́jú 12 yìí, wàá rí bí o ṣe lè dáhùn 'Sọ fún wa nípa ara rẹ', bí o ṣe lè sọ iṣẹ́ tí o ti ṣe, àti ohun tí o lè sọ bí wọ́n bá béèrè iye tí o ń fẹ́ gbà."

Ẹ ó rí i pé "o" ni a lò, a kò lo "ẹ". Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ka àpèjúwe lórí fóònù rẹ̀. Ó sì yẹ kí ó gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ó sì rí i pé a lo "intafíù", a kò lo "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò". Ọ̀rọ̀ kejì yìí dára nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀dọ́ yóò tẹ̀ nígbà tí ó bá ń wá fídíò ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó dára kí a kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gan-an lẹ́ẹ̀kan sínú àkọlé àti lẹ́ẹ̀kan sínú àpèjúwe, kí ẹ̀rọ ìwákiri lè rí i.

Pín fídíò náà sí orí-orí

Ẹ jẹ́ kí a mú fídíò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìyá kan tí ó ti pẹ́ ní ẹ̀ka tí ń gba òṣìṣẹ́ ni ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ẹni tí yóò kọ àpèjúwe tó fi ọwọ́ kan nǹkan kan, kí ó jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé, kí ó wo fídíò náà láti òkè dé ilẹ̀, kí ó sì kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ yìí a máa tú àṣírí fídíò. Nínú àpẹẹrẹ wa, òǹkọ̀wé rí i pé láti ìṣẹ́jú kẹta sí ìkarùn-ún, ohun tí ìyá náà ń sọ ni pé kí ọ̀dọ́ múra dáadáa, kí ó ní ìgboyà, kí ó má sì bẹ̀rù. Nígbà tí ó fẹ́ fún apá náà ní orúkọ, kò rí orúkọ kan tí yóò mú kí ẹnikẹ́ni fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Àmì nìyẹn pé kò sí ohun tí a lè mú ṣe nínú ìṣẹ́jú méjì náà. Apá fídíò tí a kò bá rí orúkọ fún, kí a gé e kúrò ni ó dára jù. Wọ́n gé e, pẹ̀lú díẹ̀ mìíràn tí ó jẹ́ àsọtúnsọ, fídíò sì di ìṣẹ́jú méjìlá àbọ̀. Èyí ni bí wọ́n ṣe wá pín in:

```
00:00 Ta ni fídíò yìí wà fún
00:40 Àwọn ìwé tí o ní láti mú dání
02:10 "Sọ fún wa nípa ara rẹ"
05:05 Bí o kò bá tí ì ṣiṣẹ́ rí
08:20 "Èló ni o ń fẹ́ gbà lóṣù?"
10:15 Ìbéèrè tí ìwọ lè bi wọ́n
11:20 Bí o ṣe lè dá iṣẹ́ èké mọ̀
```

Bí a bá kọ àkókò báyìí sínú àpèjúwe, Yútúbù yóò pín fídíò náà sí orí-orí gẹ́gẹ́ bí ìwé, ẹni tí ó bá tẹ̀ 08:20 yóò sì bọ́ sí ibi ọ̀rọ̀ owó oṣù tààrà. Ṣùgbọ́n ó ní ìlànà. Àkókò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 00:00. Àkókò tí a kọ kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tò láti kékeré sí ńlá. Orí kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kéré ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti 00:40, nítorí ó rò pé ìkíni kò yẹ ní kíkọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí kankan kò ní yọ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí a ṣí fídíò náà lórí fóònù lẹ́yìn tí a bá ti fi àpèjúwe pamọ́, kí a sì wo ilà tí ń sún lọ lábẹ́ àwòrán. Bí ó bá ti gé sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ ti jẹ́. Bí ó bá ṣì jẹ́ ilà gbọọrọ kan, kí a padà lọ wo àkókò àkọ́kọ́ àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ tán, àti ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún fídíò

Àwọn kan rò pé bí àpèjúwe bá sọ ohun tí ó wà nínú fídíò, ẹnikẹ́ni kò ní wo fídíò náà mọ́. Ìbẹ̀rù yìí kò tọ́. Ohun kan wà tí kíkà tó fún, ohun kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ rí lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ ọ́.

Orúkọ àwọn ìwé tí a ń mú lọ sí intafíù jẹ́ ohun tí kíkà tó fún. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì tàbí ti pólì, tàbí ìwé èsì ìdánwò bí ìwé-ẹ̀rí kò bá tí ì jáde, ìwé-ẹ̀rí ìparí àgùnbánirọ̀, tàbí ìwé ìyọ̀ǹda fún ẹni tí ó ti ju ọmọ 30 ọdún lọ nígbà tí ó jáde ẹ̀kọ́, káàdì ìdánimọ̀, àti ẹ̀dà gbogbo wọn. Kí a kọ wọ́n tán sínú àpèjúwe. Ọmọ tí ó bá ń di àpò rẹ̀ ní aago márùn-ún òwúrọ̀ kò ní àyè láti wo fídíò, ṣùgbọ́n yóò lè ka ìlà mẹ́rin.

Ìdáhùn sí ìbéèrè "Kí ni o ti ṣe rí?" kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá inú fídíò wa kọ́ wọn pé kí wọ́n pín ìdáhùn náà sí ọ̀nà mẹ́rin: bí mo ṣe bá nǹkan, ohun tí a ní kí n ṣe, ohun tí èmi fúnra mi ṣe, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀dọ́kùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní pólì, tí a sì rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan fún àgùnbánirọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi í, ó dáhùn pé, "A ran ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ láti tún ìwé owó wọn ṣe." Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń bi í kò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Nígbà tí ó tún un sọ ní ọ̀nà mẹ́rin, ó di báyìí:

"Mo bá orúkọ àwọn tí ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ nínú ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye onígbèsè. Ọ̀gá àgbà ní kí n mú orúkọ wọn wá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Mo kó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 214 sínú ìwé kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi rìsíìtì wọn wé e lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. A wá rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ 19 tí a ti kọ sílẹ̀ ní onígbèsè ti san owó wọn pé."

Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan: "a" di "mo". A kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe máa yin ara wọn, nítorí náà wọ́n máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn "a" àní níbi tí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Nínú intafíù, ẹni tí ń béèrè fẹ́ mọ ohun tí ọmọ yìí ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Láti sọ pé "mo kó orúkọ 214 jọ" kì í ṣe ìgbéraga, bí ó bá jẹ́ òótọ́. Ẹ̀yin òbí lè ràn wọ́n lọ́wọ́ nípa fífi ìbéèrè yìí bi wọ́n nílé, kí ẹ sì dá wọn dúró nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ "a": "Àwọn wo? Ìwọ ńkọ́?"

Báwo ni èyí yóò ṣe wọ inú àpèjúwe? Kí a kọ orúkọ ọ̀nà mẹ́rin náà sí ìlà kan, nítorí ẹni tí dátà rẹ̀ tán yóò lè mú un lọ. Kí a má kọ ìdáhùn ọ̀dọ́kùnrin náà síbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ gbọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ibi tí ó ti mí, àti bí ó ṣe ṣe é tí kò fi gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde, wọn yóò há a sórí. Nígbà tí àwọn mẹ́ta bá sì sọ ìtàn ìwé owó kan náà níwájú agbanisíṣẹ́ kan, kò ní gba ìkankan nínú wọn gbọ́.

Kí a kọ ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀

Apá tí fídíò náà ti sọ̀rọ̀ owó oṣù ni ó máa ń tètè gbó jù. Ìmọ̀ràn ìyá náà kò le. Ó ní kí ọ̀dọ́ wádìí ṣáájú, lẹ́nu àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà ní ìlú náà. Kí ó mú iye méjì, tí kékeré rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó lè gbà láìbínú. Kí ó sì béèrè bóyá owó ọkọ̀ àti ti ìwòsàn wà nínú rẹ̀ kí ó tó dáhùn tán. Ìmọ̀ràn yìí yóò pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí a bá dárúkọ kò ní pẹ́. Láti 2019, owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní òfin Nàìjíríà jẹ́ ₦30,000. Ní 2024 ó di ₦70,000. Ẹni tí ó bá wo fídíò tí a gbà sílẹ̀ ní 2023, tí kò sì mọ̀ pé ti 2023 ni, lè lọ béèrè iye tí yóò mú kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, tàbí kí ó ta ara rẹ̀ lọ́pọ̀.

Nítorí náà, kí oṣù àti ọdún tí a gba fídíò náà sílẹ̀ wà nínú àpèjúwe. Yútúbù a máa fi ọjọ́ tí a gbé e síta hàn, ṣùgbọ́n fídíò lè ti wà nínú fóònù wa fún ọdún kan kí a tó gbé e jáde. Ohun tí ó tù wá nínú ni pé a lè tún àpèjúwe kọ nígbàkúùgbà láì gbé fídíò tuntun. Bí owó oṣù bá yí padà, ìlà kan ni a ó fi kún un pé iye tí a dárúkọ ní 08:20 ti yí padà.

Ìlérí àti ẹ̀tàn

Ẹni tí ń wá iṣẹ́ a máa gbàgbọ́ kíákíá. Bí àpèjúwe bá sọ pé "Wo fídíò yìí, iṣẹ́ náà ti di tìrẹ", ó ti ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Intafíù dáadáa lè má mú iṣẹ́ wá, nítorí ènìyàn 40 lè wà níbẹ̀ kí ààyè sì jẹ́ méjì. Yútúbù fúnra rẹ̀ ka àkọlé àti àpèjúwe tí ó ń tan òǹwòran jẹ léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ka títo ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sí ìsàlẹ̀ àpèjúwe láti fi fa ènìyàn léèwọ̀. Ó lè mú irú fídíò bẹ́ẹ̀ kúrò. Àwọn kan máa ń to orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá síbẹ̀, bí ẹni pé fídíò náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ẹ̀tàn ni.

Ewu tí ó tún le ju èyí lọ wà nínú èsì tí àwọn òǹwòran ń kọ sí abẹ́ fídíò. Ibi tí àwọn tí ń wá iṣẹ́ bá péjọ sí ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń wá. Wọn yóò kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀ pé àwọn mọ ọ̀gá kan, tàbí pé kí ọmọ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó àyẹ̀wò ara kí wọ́n tó pè é fún intafíù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ òbí ni owó yìí ti ń jáde. Nígbà mìíràn wọ́n a dá àdírẹ́sì ilé kan tí ó jìnnà, tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára, èyí tí ó lè la ẹ̀mí lọ. Nítorí náà, àpèjúwe irú fídíò yìí kò pé bí kò bá ní ìkìlọ̀: pé ẹni tí ó ṣe fídíò kò fúnni níṣẹ́, kò gba owó, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Kí a kọ ọ́ ní gbangba, kí a sì máa pa èsì tí ó ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ó parí

Bí a bá kó ohun tí a ti sọ jọ, àpèjúwe fídíò àpẹẹrẹ wa yóò rí báyìí, pẹ̀lú àkókò méje tí a ti kọ sókè ní àárín rẹ̀:

"O ń lọ fún intafíù àkọ́kọ́ lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, o kò sì tí ì ṣiṣẹ́ oṣù rí? Nínú ìṣẹ́jú 12 yìí, wàá rí bí o ṣe lè dáhùn 'Sọ fún wa nípa ara rẹ', bí o ṣe lè sọ iṣẹ́ tí o ti ṣe, àti ohun tí o lè sọ bí wọ́n bá béèrè iye tí o ń fẹ́ gbà.

Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gbígba òṣìṣẹ́. Yorùbá ni ó fi ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ àwọn ìdáhùn àpẹẹrẹ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń ṣe intafíù.

(Àkókò méje náà ni yóò wà níbí.)

Mú dání: ìwé-ẹ̀rí tàbí ìwé èsì ìdánwò rẹ, ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda, káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀dà gbogbo wọn.

Ọ̀nà mẹ́rin ìdáhùn: bí mo ṣe bá nǹkan, ohun tí a ní kí n ṣe, ohun tí èmi ṣe, ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde.

A kì í fúnni níṣẹ́, a kì í sì í gba owó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o sanwó kí o tó ṣe intafíù, má san án. Sọ ibi tí ò ń lọ fún ará ilé rẹ kí o tó jáde.

Oṣù àti ọdún tí a gbà á sílẹ̀. Ẹ kú àbọ̀, a kí yín."

Gbogbo rẹ̀ kò sún mọ́ 5,000 rárá, kò sì sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ kún un. Ìyá náà kò sọ pé òun lè mú ọmọ wọlé, àpèjúwe kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kí a tó gbé e síta, àyẹ̀wò kan kù. Kí a fún ọ̀dọ́ kan nínú ilé ní fóònù, kí ó ka àpèjúwe náà fún ìṣẹ́jú kan láì wo fídíò. Kí a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì bi í ní nǹkan mẹ́ta: Ta ni fídíò yìí wà fún? Ìṣẹ́jú wo ni ọ̀rọ̀ owó oṣù wà? Ìwé wo ni o máa mú dání? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti tó gbé síta. Bí ó bá kọsẹ̀ níbi ọ̀kan, ibẹ̀ ni a ó tún kọ.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ wa yóò fi líǹkì rẹ̀ ráńṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wasáàpù ìdílé àti ti akẹ́kọ̀ọ́jáde. Kí a rántí pé àpèjúwe kì í bá líǹkì lọ tán. Àwòrán àti àkọlé ni ó sábà máa ń yọ. Kí a da ìlà méjì àkọ́kọ́ náà kọ sí òkè líǹkì, kí ọmọ tí ó ní intafíù ní Ọjọ́bọ̀ lè mọ̀ pé òun ni a ń bá sọ̀rọ̀.